Kí àdéhùn tó parí: bí ẹ ṣe máa rán oníbàárà létí, kí ẹ sì gbé owó tuntun kalẹ̀

Aṣọ òtẹ́ẹ̀lì ni mò ń fọ̀. Ilé ìfọṣọ mi wà ní Yábàá, kò jìnnà sí Adékúnlé, òtẹ́ẹ̀lì tí mò ń bá ṣiṣẹ́ sì wà lódìkejì ọ̀sà, ní Oníkán. Ọdọọdún là ń tọwọ́ bọ̀wé. Ohun tí mo fẹ́ sọ níbí ni bí a ṣe ń ṣe é nígbà tí ìwé náà bá kù díẹ̀ kó parí, tí owó inú rẹ̀ kò sì ká iṣẹ́ mọ́. Ìwé tó parí ní 2024 ni máa fi ṣe àpẹẹrẹ, torí àárín ìgbà tí a ń dúnàádúrà gan-an ni owó epo bẹ́ sókè lẹ́ẹ̀mejì, ìyẹn ló sì kọ́ mi ní ohun tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹ yọ ìwé àdéhùn jáde, kí ẹ tún un kà

Ọ̀pọ̀ nínú wa, ọjọ́ tá a fọwọ́ sí ìwé la ti kà á gbẹ̀yìn. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ wá nínú rẹ̀: ọjọ́ tó máa parí, iye ọjọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ fi ṣáájú kí ẹ tó sọ pé ẹ fẹ́ yí nǹkan padà, àti ọ̀nà tí wọ́n ní kí ẹ gbà sọ ọ́. Ìkejì yẹn ló máa ń pa èèyàn. Nínú ìwé tèmi, ó kà báyìí pé bí ẹnikẹ́ni nínú wa kò bá kọ̀wé sí ẹnìkejì, ó pẹ́ tán, nígbà tó bá ku ọgọ́ta ọjọ́, àdéhùn á tún bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ fún ọdún kan sí i, lórí iye kan náà.

Mo ti jìyà gbólóhùn yẹn rí. Òtẹ́ẹ̀lì mìíràn ni, ó ti tó ọdún mélòó kan. Mo rò pé nígbà tí ìwé bá fẹ́ parí la máa ń lọ sọ̀rọ̀, mo wá lọ nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì. Akáùńtáǹtì wọn gbọ́ tèmi tán, ó yọ ìwé, ó fi ìka rẹ̀ sí ìlà náà, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, a ti tún un ṣe láti oṣù tó kọjá.” Odidi ọdún kan ni mo fi fọ aṣọ wọn lówó àtijọ́. Wọn ò rẹ́ mi jẹ o. Ohun tí mo fọwọ́ sí ni wọ́n kà fún mi.

Bí ìwé tiyín kò bá ní irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n kọ ni yóò parí. Ìyẹn náà ní ewu tirẹ̀, torí oníbàárà lè dákẹ́ títí ọjọ́ á fi pé, kí ẹ gbọ́ pé ẹlòmíràn ti ń wá kó aṣọ.

Ẹ wá ka ọjọ́ sẹ́yìn. Ìwé tèmi ń parí ní 31 Oṣù Kẹwàá 2024. Ẹ yọ ọgọ́ta ọjọ́ kúrò, ó bọ́ sí 1 Oṣù Kẹsàn-án. Mo wo kàlẹ́ńdà, ọjọ́ Àìkú ni. Ta ló máa gba lẹ́tà ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ Àìkú? Nítorí náà, ọjọ́ Ẹtì, 30 Oṣù Kẹjọ, ni ọjọ́ tí mo fi ṣe ìgbẹ̀yìn fún ara mi. Ẹ ṣàkíyèsí pé ọjọ́ tí lẹ́tà bá *dé ọwọ́ wọn* ni ìwé máa ń kà, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ kọ ọ́. Ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kẹjọ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀, torí ìṣirò owó kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan.

Ẹ mọ iye tí iṣẹ́ náà ń ná yín, kí ẹ tó dá iye lé e

Níbí ni kí ẹ ti lo àkókò yín jù. Ẹni tó bá lọ sọ fún oníbàárà pé “nǹkan ti wọ́n” kò tíì sọ nǹkan kan. Òun náà mọ̀ pé nǹkan ti wọ́n. Ohun tí kò mọ̀ ni èló nínú ọ̀wọ́n náà ló wọ inú aṣọ tirẹ̀.

Sẹ́ẹ̀tì la fi ń ka iṣẹ́ wa. Sẹ́ẹ̀tì yàrá kan ni aṣọ bẹ́ẹ̀dì méjì, àpò ìrọ̀rí mẹ́rin àti táwẹ̀lì méjì. Òtẹ́ẹ̀lì náà ń fún mi ní bíi sẹ́ẹ̀tì 900 lóṣù, ₦1,500 la sì kọ sínú ìwé fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó jẹ́ ₦1,350,000. Nígbà tá a fọwọ́ sí i ní Oṣù Kọkànlá 2023, gbogbo ohun tí mò ń ná lórí wọn lóṣù jẹ́ ₦1,140,000. Ó ń ku ₦210,000 fún mi.

Ní Oṣù Kẹjọ 2024, mo kó rìsíìtì oṣù mẹ́ta jọ, mo pín ìnáwó sí ọ̀nà márùn-ún. Iná àti dísù, ₦460,000. Ọṣẹ àti blíìṣì, ₦330,000. Òṣìṣẹ́ mẹ́rin, ₦280,000. Ọkọ̀ àti awakọ̀, ₦240,000. Ìyókù, bíi omi, àtúnṣe ẹ̀rọ àti owó ṣọ́ọ̀bù, ₦150,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦1,460,000. Ìyẹn ni pé ₦110,000 ni mò ń fi kún iṣẹ́ náà láti àpò ara mi lóṣooṣù, mo sì ń rò pé ọwọ́ mi ló ń jo.

Ẹ má dúró lórí iye nìkan. Ẹ wá ìdí tí gbogbo èèyàn lè rí, kí ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìdí tèmi lórí iná ni pé ní Oṣù Kẹrin 2024, ìjọba gbé owó iná àwọn tó wà ní Báńdì A láti bíi ₦68 sí ₦225 lórí yúnítì kan, wọ́n sì dín in kù díẹ̀ lẹ́yìn náà. Ti òṣìṣẹ́, òfin owó oṣù tó kéré jù gòkè láti ₦30,000 sí ₦70,000 ní Oṣù Keje ọdún náà. (Òfin yẹn yọ iléeṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀, mo mọ̀. Ẹ lọ sọ ìyẹn fún ọmọbìnrin tó ń lọ aṣọ láti aago méje àárọ̀, kí ẹ wá sọ fún mi bó ṣe dáhùn.) Òtẹ́ẹ̀lì náà ń san owó iná, ó ń san owó oṣù. Bí wọ́n bá rí i pé ohun tó ń dùn wọ́n ló ń dùn yín, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀.

Lẹ́yìn èyí, iye méjì ni kí ẹ dá, kì í ṣe ọ̀kan. Èkíní ni iye tí ẹ máa béèrè. Kí ₦210,000 tó lè kù fún mi bíi ti tẹ́lẹ̀, sẹ́ẹ̀tì kan gbọ́dọ̀ jẹ́ nǹkan bíi ₦1,856. Mo béèrè ₦1,900. Èkejì ni iye tó jẹ́ pé bí wọ́n bá sọ ọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ máa dìde. Tèmi jẹ́ ₦1,780. Ẹ kọ ìkejì yìí sínú ìwé kí ẹ tó lọ, kí ẹ má sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò kọ ọ́ sílẹ̀ máa ń gbàgbé rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá gbé ohun mímu tútù síwájú rẹ̀ nínú ọ́fíìsì tó ní ẹ̀rọ amúlétutù.

Ẹ wo bí àwọn náà ṣe ṣe sí àdéhùn

Mo tún kó ìwé owó ọdún náà jáde, mo kọ ọjọ́ tí mo fi ránṣẹ́ àti ọjọ́ tí owó wọlé. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni ìwé ní kí wọ́n fi máa san. Ní gidi, ó ń gbà wọ́n ní bíi ọjọ́ 52. Ọjọ́ 22 tó lé yẹn ni mo fi ń ra ọṣẹ láwìn, awìn Bálógun sì ní owó lórí. Nítorí náà, ọjọ́ ìsanwó di apá kan ohun tí mo fẹ́ yí padà, ó sì di ohun tí mo lè fi ṣe pàṣípààrọ̀. Bí oníbàárà kò bá lè fi owó kún owó, ó ṣeé ṣe kó lè tètè san.

Ẹ ka ẹ̀ṣẹ̀ tiyín náà. A sọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì mọ́kànlá nù lọ́dún yẹn, a sì pẹ́ dé lọ́jọ́ mẹ́rin. Ẹ mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó kà á sí yín lọ́rùn.

Ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ lẹ́nu, kí ẹ tó fi lẹ́tà ránṣẹ́

Lẹ́tà tó bá èèyàn lójijì máa ń dà bí ẹjọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì Oṣù Kẹjọ, mo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí máníjà wọn lórí Wáásáàpù. Obìnrin àgbà ni, a sì ti jọ ń ṣe é tipẹ́:

> Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Ẹ kú ìnáwó àlejò ìparí ọ̀sẹ̀. Mo fẹ́ rán yín létí pé àdéhùn ìfọṣọ wa máa parí ní 31 Oṣù Kẹwàá. Ó wù mí ká máa bá a lọ. Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan kan wà tí mo fẹ́ ká tún yẹ̀ wò lórí owó àti ọjọ́ ìsanwó. Lẹ́tà ń bọ̀ kí oṣù yìí tó parí. Ọjọ́ wo ló máa rọrùn fún yín kí n wá rí yín? Ẹ ṣeun, Mà.

Ẹ kíyè sí i pé kò sí iye kankan níbẹ̀. Bí ẹ bá kọ iye sórí fóònù, ibẹ̀ ni wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ sí í já a, láìtíì rí ìdí rẹ̀. Kò sì sí ìhàlẹ̀ níbẹ̀. Iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ní kò ju kó má bà á lójijì. Ó dáhùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn pé, “Mo ti rí i. Ẹ kọ lẹ́tà yín wá, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra.” Ẹ̀rín ni mo rín.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ orí fóònù kì í ṣe ìfitónilétí tí ìwé wí. Tiwa ní kí a kọ lẹ́tà sí ọ̀gá àgbà ní àdírẹ́sì òtẹ́ẹ̀lì. Ohun tí mo fi sínú lẹ́tà nìyí, ojú ewé kan péré:

> Sí ọ̀gá àgbà. Àdéhùn ìfọṣọ tó wà láàárín wa, tá a fọwọ́ sí ní 1 Oṣù Kọkànlá 2023, máa parí ní 31 Oṣù Kẹwàá 2024. Lẹ́tà yìí ni ìfitónilétí tí àdéhùn náà béèrè, pé a kò fẹ́ kí ó tún bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ lórí iye àtijọ́. A fẹ́ ká tún un ṣe fún ọdún kan sí i, lórí ọ̀kan nínú ọ̀nà méjì yìí. Ọ̀nà kìíní: ₦1,900 lórí sẹ́ẹ̀tì kan, kí owó wọlé láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Ọ̀nà kejì: ₦1,820 lórí sẹ́ẹ̀tì kan, kí owó wọlé láàárín ọjọ́ 14. Ìṣirò tó fa iye yìí wà lẹ́yìn lẹ́tà yìí. Iye wọ̀nyí dúró títí di 30 Oṣù Kẹsàn-án. Bí ohun gbogbo ṣe wà nínú àdéhùn àtijọ́ ló wà, àyàfi ohun tá a kọ síbí.

Gbólóhùn pé “a kò fẹ́ kí ó tún bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ lórí iye àtijọ́” ni egungun ẹ̀yìn lẹ́tà náà. Mo ti rí lẹ́tà ẹlòmíràn tó dùn, tó gùn, tó ń dúpẹ́ títí dé ìsàlẹ̀, tí kò sì sí ìlà yẹn nínú rẹ̀. Akáùńtáǹtì tó bá gbọ́n á ní ẹ̀bẹ̀ lásán ni. Ọ̀nà méjì tí mo fi sí i náà ní ìdí. Bí ẹ bá gbé ọ̀nà kan ṣoṣo síwájú èèyàn, ohun tó máa rò ni bóyá kó gbà á tàbí kó kọ̀ ọ́. Bí ó bá jẹ́ méjì, ó máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í rò èwo nínú rẹ̀. Tí ẹ bá wà lára àwọn tó ń gba owó orí ọjà ti ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún fún ìjọba, ẹ kọ ọ́ kedere bóyá ó wà nínú iye náà tàbí ẹ̀yìn rẹ̀ ló máa wá.

Ẹ̀dà méjì ni kí ẹ tẹ̀. Ọmọ mi gbé e lọ ní ọjọ́ Ọjọ́bọ̀, 29 Oṣù Kẹjọ, ó fi ọ̀kan sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń gba àlejò, wọ́n lu òǹtẹ̀ sára èkejì, wọ́n kọ ọjọ́ àti orúkọ sí i. Ẹ̀dà tó ní òǹtẹ̀ yẹn ni ẹ̀rí yín. Mo tún fi í ránṣẹ́ lórí ímeèlì lọ́jọ́ náà.

Owó epo kò dúró de ẹnikẹ́ni

Ní 3 Oṣù Kẹsàn-án, ọjọ́ márùn-ún péré lẹ́yìn tí lẹ́tà dé, àwọn ilé epo ti iléeṣẹ́ epo ìjọba gbé bẹntiróò ní Èkó láti ₦568 sí ₦855. Ọkọ̀ mi máa ń sọdá Tọ́ọ̀dì Mènlándì lójoojúmọ́, ó ń mu bíi lítà 200 lóṣù lórí iṣẹ́ wọn. ₦287 lọ́nà 200 jẹ́ ₦57,400, tó jẹ́ nǹkan bíi ₦64 lórí sẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan. Iye tí mo ní mi ò ní lọ sísàlẹ̀ rẹ̀ ti di ₦1,844 lójú ẹsẹ̀. Iye tí mo sì kọ sí ọ̀nà kejì nínú lẹ́tà ti wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni mo rí i pé dídá iye kan lé iṣẹ́ ọdún kan kò bá ìlú wa mu. Ohun tí mo gbé lọ sí ìpàdé ni pé kí a kọ iye epo ọjọ́ tí a bá fọwọ́ sí ìwé sínú rẹ̀, kí a sọ ilé epo tí a ó máa wò, kí ₦22 sì kún owó sẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ₦100 tó bá pé lórí lítà kan. Ibi tí mo ti rí ₦22: ₦100 lọ́nà lítà 200 jẹ́ ₦20,000, ẹ pín in sórí sẹ́ẹ̀tì 900. Bí epo bá wálẹ̀, kí ₦22 náà wálẹ̀. Ẹ má yọ apá tó wálẹ̀ yẹn kúrò. Òun ló jẹ́ kí máníjà náà mọ̀ pé mi ò wá rẹ́ ẹ jẹ. Ẹ má sì kó gbogbo ìnáwó yín sínú irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀. Bí ọṣẹ, iná, owó oṣù bá wà níbẹ̀ pẹ̀lú, kò sí akáùńtáǹtì tó máa gbà á, torí kò ní mọ iye tó máa san lóṣù tó ń bọ̀.

Nínú ìpàdé

Àwa mẹ́ta la jókòó: máníjà, akáùńtáǹtì, èmi. Mo kọ́kọ́ sọ ti aṣọ mọ́kànlá tó sọnù àti bí mo ṣe san án padà, kí wọ́n tó mẹ́nu bà á. Akáùńtáǹtì wá ní ilé ìfọṣọ kan ní Súúrùlérè ti mú ₦1,600 wá.

Bí wọ́n bá sọ irú èyí fún yín, ẹ má sọ ẹni yẹn lábùkù, ẹ má sì já owó yín lójú ẹsẹ̀. Ẹ béèrè ohun tó wà nínú ₦1,600 náà. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni wọ́n á máa wá kó o? Ṣé àwọn ló máa san aṣọ tó bá sọnù? Ṣé wọ́n á gba ọjọ́ 52?” Ó wo máníjà. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni wọ́n ní àwọn á máa wá, wọ́n sì fẹ́ ìdajì owó ṣáájú.

₦1,750 ni wọ́n kọ́kọ́ dá lé mi. Mi ò sọ̀ kalẹ̀ láìgba nǹkan padà. Mo ní bí mo bá já a, ọjọ́ ìsanwó gbọ́dọ̀ kúrú. A gbé e lọ gbé e bọ̀, ó dúró sí ₦1,850, kí owó wọlé láàárín ọjọ́ 21, kí iye epo tí a fi bẹ̀rẹ̀ jẹ́ ₦855, pẹ̀lú gbólóhùn ₦22. ₦6 péré ló fi ju iye tí mo kọ sínú ìwé nílé lọ. Ká ní mi ò tún ìṣirò ṣe lẹ́yìn tí epo gòkè ni, ǹ bá ti gba ₦1,800 pẹ̀lú ayọ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo kọ gbogbo ohun tá a sọ sínú ímeèlì, mo ní kí wọ́n dáhùn bí mo bá ṣì wọ́n gbọ́. Ìrántí èèyàn méjì lórí owó kì í dọ́gba tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì.

Bí ọjọ́ bá ń lọ tí wọn ò tíì fọwọ́ sí i

Ẹnu gbà kò túmọ̀ sí ìwé gbà. Ọ̀gá àgbà wọn rìnrìn àjò, ìwé wà lórí tábìlì rẹ̀ títí Oṣù Kẹwàá fi dé ìdajì. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé kí ọjọ́ 31 kọjá, kí ẹ ṣì máa kó aṣọ, kí ẹnikẹ́ni má sì lè sọ iye tó ń ṣiṣẹ́. Ẹ má dúró dè é. Mo ti kọ lẹ́tà kékeré kan sílẹ̀ pé a máa bá iṣẹ́ lọ títí di 30 Oṣù Kọkànlá, lórí ₦1,850, títí ìwé tuntun á fi jáde. Bí wọ́n bá kọ̀ láti fọwọ́ sí ìyẹn pàápàá, ẹ mọ̀ pé iye náà kò tíì yé wọn, kì í ṣe ìrìn àjò ló fà á.

Kò di pé a lò ó. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé ní 24 Oṣù Kẹwàá. Àfikún olójú ewé méjì ni, kì í ṣe àdéhùn tuntun, torí nǹkan díẹ̀ péré ló yí padà. Ẹ jẹ́ kó dárúkọ ìwé àtijọ́ àti ọjọ́ rẹ̀, kó sọ ìlà tí wọ́n pààrọ̀, kó sì jẹ́ pé ẹni tó lágbára láti fọwọ́ sí ti àkọ́kọ́ náà ló fọwọ́ sí i. Ẹ tún wo ìlà ìfitónilétí. Mo ní kí wọ́n yọ “tún bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀” kúrò. Wọn ò jiyàn.

Ní 9 Oṣù Kẹwàá, kí a tó fọwọ́ sí i, epo ti tún gòkè sí ₦998 ní Èkó. Akáùńtáǹtì fẹ́ ká dúró lórí ₦855 tá a ti fẹnu kò sí, mo gbà bẹ́ẹ̀. ₦143 ló fi lé e, ọgọ́rùn-ún kan péré ló pé nínú rẹ̀. Nígbà tí mo kọ ìwé owó Oṣù Kọkànlá, ₦1,872 ni mo kọ sí ẹ̀gbẹ́ sẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, mo sì lẹ àwòrán pátákó ilé epo mọ́ ọn. Owó wọlé ní ọjọ́ kọkàndínlógún.